Ẹgbẹ́ ni àbí ìnira? Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó di gáímáànù

Ọmọ Wàńdò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ọdún 17, wà lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ níbí. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti di gáímáànù. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, á máa bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni pé obìnrin lòun, wọ́n á sì fi owó ránṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ní àwọn ọ̀rẹ́ ló bà á jẹ́, ká gbé e lọ bá bàbá àgbà ní Ṣábẹ́. Ìyàwó mi ní àìlówó ló fà á, ká wá owó kó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Owó ọwọ́ wa kò lè ṣe méjèèjì. Ọmọ yunifásítì kan ládùúgbò ní àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, ìhà kìíní ní ẹgbẹ́ ni, ìhà kejì ní ìnira ni. Ta ló jàre?

---

Onízémì Ọ̀nà Ìgólò

Kí ló tún kù tí ẹ ń bèèrè? Ebi ni. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ta epo páyò tí wọ́n ń kó wọlé láti Nàìjíríà létí títì. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí owó epo fi gun òkè débi tí àwọn oníbàárà wa fi ń kọjá lára ìgò wa lọ sí ilé epo. Àwa mẹ́fà tí a jọ ń tà á tú ká. Èmi gun zémì. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ jẹ́jẹ́, ti di gáímáànù báyìí. Kí epo tó wọ́n, ṣé olè ni?

---

Àgbẹ̀ Ṣábẹ́

Ẹ̀gbọ́n onízémì, bí ebi bá ń sọ ènìyàn di olè, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni gbogbo abúlé wa ì bá máa gbé. Ẹ ò mọ bí ó ti rí nígbà tí òjò bá kọ̀ tí owó òwú sì pẹ́ kó tó dé. Àgùntàn tó bá ajá rìn ni í jẹ ìgbẹ́. Ẹ gbé ọmọ náà wá síbí. Oko wà, ajá kò sí.

Ẹ tiẹ̀ sọ fún mi, àwọn márùn-ún yòókù tí ẹ jọ ta páyò ńkọ́? Ebi kan náà kọ́ ló pa yín ni?

---

Tísà Kétu

Òwe méjèèjì dùn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn wí mu.

Ẹni tó dá àbá ìnira yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni Robert Merton, ní 1938. Kò sọ pé òṣì ń bí ọ̀daràn, ó tilẹ̀ là á sílẹ̀ pé òṣì nìkan kò tó. Ohun tó rí ni pé ìlú kan lè máa kígbe sétí gbogbo ọmọ pé ẹni tí kò lówó kì í ṣe ènìyàn, kí ìlú náà sì tún ti ilẹ̀kùn tí a ń gbà dé ìdí owó mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìnira náà wà láàárín ohun tí wọ́n ní kó lé àti ẹsẹ̀ tó ní láti fi lé e. Ìdí nìyẹn tí tálákà tó ń gbé láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní oko Ṣábẹ́ fi lè sùn wọra, tí ọmọ Àjàṣẹ́ tó yó kò sì ní í rí oorun sùn nítorí fóònù tuntun ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Merton tún wí pé ìnira yẹn kì í mú gbogbo ènìyàn gba ọ̀nà kan. Gáímáànù ṣì ń lé owó, ọ̀nà tí a ń gbà lé e ló pa dà. Akọ̀wé kan wà tó ti mọ̀ pé òun kò ní í lówó láéláé, síbẹ̀ á máa lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé láàárọ̀ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ẹnì kan sì wà tó jọ̀wọ́ owó, tó jọ̀wọ́ iṣẹ́, tó jókòó ti ìgò sọ́dàbì. Ìnira kan náà ló ń da àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàmú. Àìlera àbá náà wà níbẹ̀: ó sọ ìdí tí àpò fi kún, kò sọ ìdí tí tẹni yìí fi ya níhìn-ín tí tẹni yẹn fi ya lọ́hùn-ún.

Edwin Sutherland ló ni àbá ìbárìn, ìyẹn ìhà tó ní ẹgbẹ́ ni. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1939, ó sì tún un ṣe ní 1947. Òun náà kò sọ̀rọ̀ àgùntàn àti ajá. Ó ní bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ẹni tó sún mọ́ni ni a ń kọ́ ìwà ọ̀daràn, ohun tí a ń kọ́ sì pín sí méjì. Èkíní ni ọwọ́ iṣẹ́. Èkejì, òun ló wúwo jù, ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń tu ọkàn ara rẹ̀ nínú pé ohun tí òun ń ṣe kò burú. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sì ní láti ti ẹnu olè wá. Bàbá olóòótọ́ tó ń jẹun alẹ́, tó ń sọ pé àwọn òyìnbó ti kó wa tán, tiwa ni wọ́n ń jẹ, ti fi ìdajì ẹ̀kọ́ náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láìmọ̀.

Ọmọ Wàńdò, kí n tó dá ọ lóhùn, mo fẹ́ mọ ohun mẹ́ta. Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín kó tó bẹ̀rẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ fi fóònù lé e lọ́wọ́? Kí ló sì sọ lọ́jọ́ tí ẹ bá a wí?

---

Ọmọ Fásitì

Tísà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àbá Merton ti kú tipẹ́. Ọ̀mọ̀wé Travis Hirschi ló pa á ní 1969. Ó bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ léèrè ní Kalifọ́níà, ó sì rí i pé àwọn tí ọkàn wọn ga, tí wọ́n fẹ́ kàwé jìnnà, ni kì í sábà hùwà ọ̀daràn. Bí ìnira bá jẹ́ òótọ́, àwọn yẹn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ jalè. Nítorí náà ẹgbẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ti tán.

---

Ìyá Aláṣọ

Ẹ má bínú o, mo fẹ́ sọ tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni akápò àjọ wa fún ọdún mọ́kànlá. Kì í mu ọtí, kì í bá ẹnikẹ́ni rìn ju àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ní ọdún kan, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó kan mi láti kó àjọ, a kò rí owó kankan nínú àpótí. Ta ló kọ́ ọ? Ẹgbẹ́ wo ló kó? Ẹbi ti pa á tì dòní. Ó ṣì ń sọ pé òun kò jalè, òun kàn yá a ni.

---

Tísà Kétu

Ìyá, ọ̀rọ̀ yín ti dé etí ìgbẹ́jọ́ ṣáájú àkókò yìí. Donald Cressey, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Sutherland fúnra rẹ̀, wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ bá àwọn tó jẹ owó tí wọ́n fi sí wọn lọ́wọ́, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1953. Ó fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ wọn. Kò rí ẹnì kan. Ohun tó ń bá nínú ìtàn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni ìṣòro owó kan tí ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá rí i pé owó tó wà níkàáwọ́ wọn lè yanjú rẹ̀ láìsí ẹni tó máa mọ̀. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń dá ara wọn láre, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn ni èyí tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ: mo yá a ni.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ìtìjú àti gbèsè, ìnira nìyẹn. Ọwọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ akápò tó ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ló ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn, kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Gbogbo wa la ń sọ ọ́, tí a bá mú nǹkan ẹlòmíràn. Sutherland kò jàre níbẹ̀ tán, kò sì jẹ̀bi tán.

Ọmọ Fásitì, má tíì sin Merton. Ohun tí Hirschi rí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 1992, Robert Agnew yí ìbéèrè náà pa dà. Ó ní owó tí ọwọ́ kò tó kọ́ ni ìnira kan ṣoṣo tó wà. Ohun rere tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, bí òbí tó kú, ìnira ni. Ohun búburú tí wọ́n ń ṣe sí i láìsí ibi tó máa sá gbà, bí lílù àti ẹ̀tẹ́ ojoojúmọ́, ìnira ni. Ìbínú tó ń wá láti inú ìwọ̀nyí ló ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ọkàn gíga kò lè fi gbogbo ìyẹn hàn ọ́.

---

Onízémì Ọ̀nà Ìgólò

Ẹ dúró ná. Tísà, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé àwa tí a ta páyò, ọ̀daràn ni wá? Páyò ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin!

---

Tísà Kétu

N kò pe yín bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ti ràn mí lọ́wọ́ gan-an. Òfin kò fẹ́ páyò, gbogbo wa sì ń rà á, tísà, àlùfáà àti ọlọ́pàá. Kò sẹ́ni tó ń fojú olè wò yín. Àdúgbò lódindi ló ní ọ̀rọ̀ tó gbé òfin yẹn jù sẹ́yìn. Àwọn ọmọ yín wo yín títí wọ́n fi mọ bí a ti ń di ẹrù mọ́ ọ̀kadà, bí a ti ń yẹ kọ́sítọ́ọ̀mù sílẹ̀ lóru. Ṣé àwọn ọmọ náà wá di jàǹdùkú?

---

Onízémì Ọ̀nà Ìgólò

Rárá o! Àkọ́bí mi kì í mú ẹyọ abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

---

Tísà Kétu

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Sutherland ní ẹni tó bá bá arúfin gbé yóò di arúfin nínú ohun gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ páyò, ẹ̀kọ́ páyò ni. Kò ní gbólóhùn kankan nínú tó dá olè láre. Ọmọ tó kọ́ ọ ní láti pàdé olùkọ́ mìíràn kó tó di gáímáànù.

Ìdí tí mo fi ń bi yín léèrè nìyí: ẹnì kan nínú yín tó di gáímáànù, ta ló bá gbé lẹ́yìn tí páyò dàrú?

---

Onízémì Ọ̀nà Ìgólò

…Ó kó lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀ ní Kútọnu. Àwọn ọmọ inú ọgbà ibẹ̀, gáímáànù ni gbogbo wọn. Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí páyò kò bá dàrú, kò ní í kó lọ.

---

Ọmọ Wàńdò

Mo ti wà níbi iṣẹ́, ẹ má bínú. Ìdáhùn mi rèé, n ó sọ òótọ́ bó tilẹ̀ tì mí lójú.

Ọmọ náà ṣe ìdánwò bépéséè lẹ́ẹ̀mejì, kò yege. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, bàbá rẹ̀ ní òun kò ná kọ́bọ̀ mọ́ lórí rẹ̀. Bí àlejò bá wá, á pè é jáde, á ní ẹ wo òkúta tí mo bí. Ó máa ń nà án nígbà mìíràn. Bí oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí a kò mọ̀ rí. Ọ̀rẹ́ yìí ló fún un ní fóònù, tó tún fún un ní àwọn àwòrán obìnrin àti ọ̀rọ̀ tó ti wà ní kíkọ sílẹ̀ tó kàn ń fi ránṣẹ́. Ìdá mẹ́ta owó tó bá wọlé, méjì ni ọ̀rẹ́ ń mú.

Nígbà tí mo bá a wí, ó ní: "Bùrọ̀dá, n kò gbé ọ̀bẹ sọ́rùn ẹnikẹ́ni. Àwọn ló ń fi ọwọ́ ara wọn ránṣẹ́. Wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n lè fi owó wọn ṣe."

Ohun kan tún wà. Ọmọ ilé kejì wa, kíláàsì kan náà, kò yege bépéséè bákan náà. Inú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ló wà báyìí.

---

Tísà Kétu

O ti dáhùn ìbéèrè ara rẹ ju bí o ti rò lọ.

Wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀ léra. Ìkùnà ṣáájú, ẹ̀tẹ́ tẹ̀ lé e, oṣù méjì kọjá, ọ̀rẹ́ wá dé. Ọ̀rẹ́ kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà bàbá rẹ̀ kò jàre. Ṣùgbọ́n ọmọ télọ̀ kùnà ìdánwò kan náà, ìyàwó rẹ náà kò sì jàre tán. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kì í ṣe owó. Nígbà tí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ tì, ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀kan, ẹlòmíràn ṣí ilẹ̀kùn yàrá fún èkejì.

Ní 1960, Richard Cloward àti Lloyd Ohlin so àbá méjèèjì pọ̀ lọ́nà yìí. Wọ́n ní gbogbo ènìyàn ń sọ pé ọ̀nà òtítọ́ tì, wọn kò rántí pé ọ̀nà èrú náà ní ilẹ̀kùn àti adènà tirẹ̀. Ẹni tí ìnira dé bá tí kò sì mọ adènà náà, ìbínú àti ìjà lásán ló lè bá lọ, tàbí ọtí. Ọ̀rẹ́ tó ń gba ìdá méjì yẹn ni adènà. Ọ̀gá iṣẹ́ ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ sì ń san owó ìkọ́ṣẹ́ fún un láìmọ̀.

Àti gbólóhùn ọ̀bẹ yẹn, ó dá mi lójú pé kì í ṣe òun ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Dúró ti ẹnu ọ̀rẹ́ náà, wàá gbọ́ ọ bó ṣe rí gan-an.

---

Ọmọ Fásitì

Mo gbà lórí Agnew. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn èyí tó le jù. Ta ló lè sọ pé kì í ṣe ọmọ tó ti fẹ́ ya ìyàkuyà tẹ́lẹ̀ ló lọ wá irú ara rẹ̀? Ẹyẹ tó jọra ló ń fò pọ̀. Àwọn Glueck, tọkọtaya, ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 1950.

---

Tísà Kétu

Ìbéèrè gidi lo bi yẹn. Ohun tó sún mọ́ ìdáhùn jù ni iṣẹ́ tí Thornberry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993. Wọn kò bi àwọn ọmọ léèrè lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ń tẹ̀ lé wọn fún ọdún mélòó kan. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó wọ ẹgbẹ́ jàǹdùkú kò fi bẹ́ẹ̀ burú ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ìwà wọn burú sí i nígbà tí wọ́n wà nínú rẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde. Bó bá jẹ́ pé ẹyẹ tó jọra nìkan ni, kí ló dé tó lọ sílẹ̀? Ṣùgbọ́n n kò ní í sọ pé èrò Glueck ti wó pátápátá. Méjèèjì máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kan náà.

Ibì kan wà tí Sutherland ti ṣe àṣìṣe, ó sì kan ìrìn àjò Ṣábẹ́ yìí. Ó rò pé ẹgbẹ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ bá pàdé ní kékeré ló ń ta gbòǹgbò jù. Mark Warr yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, ó sì rí i pé àwọn ọ̀rẹ́ ìsinsìnyí ló wúwo jù lọ. Ìdí nìyẹn tí yíyà wọ́n nípá fi lè ṣiṣẹ́.

---

Àgbẹ̀ Ṣábẹ́

Ẹ ṣeun! Mo ti wí. Ẹ gbé e wá.

---

Ìyá Aláṣọ

Ṣé kò ní í dára jù kí wọ́n mú un lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kó irú àwọn ọmọ báyìí sí? Wọ́n á kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kún un. Kó má baà di ọ̀rọ̀ Kíríyẹ́ẹ̀tì, kóòtù tó ń ṣẹjọ́ àwọn gáímáànù, Àjàṣẹ́ níbí náà ló wà.

---

Onízémì Ọ̀nà Ìgólò

Tàntí, ẹ má dán an wò. Àbúrò mi kó ọmọ rẹ̀ lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, n kò ní í dárúkọ wọn. Ẹ̀sùn kékeré kan ló gbé e débẹ̀. Nígbà tó jáde, ó mọ bí wọ́n ti ń ṣí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà.

---

Tísà Kétu

Ẹ̀gbọ́n onízémì, ìwé wà lórí ìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, láti 1939, wọ́n yan àwọn ọmọkùnrin kan ní Cambridge àti Somerville, wọ́n fún wọn ní olùtọ́jú àti àtìlẹ́yìn lóríṣiríṣi. Joan McCord wá wọn kàn ní nǹkan bí ọdún 30 lẹ́yìn náà. Àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ kò sàn ju àwọn tí wọn kò ràn lọ́wọ́, àwọn kan tilẹ̀ burú jù. Nígbà tí òun àti àwọn mìíràn tún un tú ní 1999, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n rán lọ sí àgọ́ ìsinmi léraléra ni ìbàjẹ́ náà hàn lára wọn jù. Àwọn mìíràn tó jókòó wo bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ọmọ kan á sọ ìtàn aburú tó ṣe, àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ẹ̀kọ́ náà.

Nítorí náà, Ọmọ Wàńdò, bí mo bá jẹ́ ìwọ, n ó ná owó yẹn sí iṣẹ́ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ní ọmọṣẹ́ kan tàbí méjì péré. Kí ìwọ fúnra rẹ lọ jókòó wò ó ní ọ̀sán ọjọ́ méjì, kí o gbọ́ ohun tí àwọn ọmọṣẹ́ ń fi rẹ́rìn-ín. Kí bàbá rẹ̀ sì dákẹ́ ọ̀rọ̀ òkúta. Ìyẹn kò ní náwó.

---

Àgbẹ̀ Ṣábẹ́

Tísà, mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ fẹ́ fi í sílẹ̀ ní ìlú kan náà pẹ̀lú adènà yẹn? Ọ̀gá mẹkáníìkì kò ní í san owó fún un fún ọdún mẹ́ta. Adènà ń san lóṣù. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ìnira wà láàárín ohun tí à ń lé àti ẹsẹ̀.

---

Tísà Kétu

Òótọ́ ni. N kò ní èsì tó mọ́lẹ̀ fún ìyẹn. Owó oúnjẹ ojoojúmọ́, bó ṣe wù kó kéré tó, kó máa wọ ọwọ́ ọmọ náà láti ilé. Ìyẹn ni mo lè sọ.

---

Ọmọ Wàńdò

Ẹ ṣé o. A ti jókòó lálẹ́ àná. Bàbá rẹ̀ yarí pé Ṣábẹ́ ni, òun ló sì bí i. Ó ti gbé e lọ ní òwúrọ̀ yìí. Ìyàwó mi ní òun á tọ́jú owó mẹkáníìkì náà dìgbà tó bá pa dà dé.

---

Ọmọ Fásitì

Fóònù ńkọ́?

---

Ọmọ Wàńdò

Ó mú un lọ. Bàbá rẹ̀ ló ní kó mú un, kí wọ́n lè máa rí i pè.

---

Àgbẹ̀ Ṣábẹ́

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbí dáadáa o. Ìkànnì náà ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ láti oko.

---

Tísà Kétu

Sutherland kọ ọ́ pé ojúkojú ni ẹ̀kọ́ yìí ń wáyé, láàárín àwọn tó mọ ara wọn dunjú, pé ìwé ìròyìn àti sinimá kò jẹ́ nǹkan níbẹ̀. 1947 nìyẹn. Ọmọ Wàńdò, pe bàbá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Bi í bóyá ọmọ náà ń sùn lóru.